Gílóòbù funfun kọ́ ló máa gba ojú télọ̀ sílẹ̀

Nínú ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó kọjá, ọ̀gá kan tí ṣọ́ọ̀bù wọn kò jìnnà sí tèmi dìde, wọ́n ní iná pupa ló ń ba ojú àwọn télọ̀ jẹ́. Wọ́n ní gílóòbù funfun báláú, èyí tó lágbára jù lọ́jà, ni kí kálukú lọ rà, kó gbé e kọ́ àárín àjà. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi ò pàtẹ́wọ́ ní tèmi, torí mo ti rà á rí. Ọdún méjì gbáko ni mo fi lò ó, ẹ̀fọ́rí ni mo sì ń gbé relé lálaalẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ṣọ́ọ̀bù mi ṣe rí nígbà náà. Gílóòbù wáàtì 20, tí wọ́n kọ 6500K sí lára páálí rẹ̀, ló wà lágbedeméjì àjà. Bí ẹ bá wọlé, ẹ ó rò pé ọ̀sán gangan ni. Àmọ́ máṣíìnì mi kọjú sí ògiri, iná sì wà lẹ́yìn mi. Bí mo bá ti tẹrí ba pé kí n wo ẹnu abẹ́rẹ́, òjìji orí ara mi á bò ó. Ibi kan ṣoṣo tí mo fẹ́ rí náà ló ṣókùnkùn jù nínú ṣọ́ọ̀bù. Kí ni mo wá ń ṣe? Mo tún ń tẹ orí sí i. Ọrùn ń ro mí, ojú ń ta mí, mo sì ń bú NEPA.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wá lo ìsinmi ló là mí lóye. Ó ní ohun kan wà lórí fóònù òun tó ń wọn iye ìmọ́lẹ̀ tó bá dé ojú ibì kan, lọ́kíìsì ni wọ́n ń pè é. Ó dùbúlẹ̀ fóònù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ sókè. Nígbà tí mo yẹra, ó kà 140. Nígbà tí mo jókòó bí ẹni ń ranṣọ, ó já wá sí 50. Ìlànà iná ibi iṣẹ́ tí wọ́n ń tẹ̀ lé nílẹ̀ Yúróòpù sọ pé níbi ìránṣọ, kó má dín ní 750. Ìwọ̀n orí fóònù kì í ṣe òṣùwọ̀n gidi, mo mọ̀, ṣùgbọ́n láàárín 50 sí 750, kò sí ohun tí à ń jiyàn lé.

A lọ ra iná orí tábìlì ọlọ́rùn rírọ̀, èyí tó ní fìlà lórí. Gílóòbù wáàtì 9 péré la fi sínú rẹ̀. A gbé e sí ọwọ́ òsì mi, torí ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń darí aṣọ sẹ́nu abẹ́rẹ́, a sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí tó fi ku nǹkan bí sẹ̀ńtímítà 45 kó kan aṣọ. Fóònù kà 820. Gílóòbù tí kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́! Kò sí idán níbẹ̀. Bí ẹ bá sún iná mọ́ iṣẹ́ dé ìdajì ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ojú aṣọ á di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ẹ bá tún sún un dé ìdajì ìyẹn, ó di ìlọ́po 16. Iná tó wà lókè àjà, àjà ló ń tàn sí. Kò sí ẹni tó ń fi àjà ranṣọ.

Wọ́n á ní, ṣebí iná funfun ni ilé ìwòsàn ń lò. Ó dáa o. Ṣé agbádá ni wọ́n ń rán níbẹ̀ ni?

Nọ́ńbà tó ní K yẹn, àwọ̀ iná ló ń sọ, kì í ṣe bó ṣe pọ̀ tó. 2700 tàbí 3000 ni iná pupa, 4000 wà láàárín, 6500 ni funfun tó fẹ́ yí sí búlúù. Ohun tó ń sọ bí iná ṣe pọ̀ tó ni nọ́ńbà tó ní lm lẹ́yìn, lára páálí kan náà, tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Mo dán an wò fúnra mi. Wáàtì 9 pupa fún ọ̀sẹ̀ kan, wáàtì 9 funfun fún ọ̀sẹ̀ kejì, inú fìlà kan náà, ibì kan náà, ṣòkòtò dúdú ni mo ń rán nínú méjèèjì. Ojú mi ò mọ ìyàtọ̀. Àwọn kan á ní àwọn ń rí ojú òwú kedere díẹ̀ sí i lábẹ́ funfun. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Aṣọ dúdú gan-an ni ìṣòro. Aṣọ funfun á dá bí ìdá 80 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà sójú yín, dúdú kì í fẹ́ dá ju bí ìdá 5 lọ. Nítorí náà, bí mo bá ń rán dúdú, mo máa ń tẹ ọrùn iná náà wálẹ̀ kó wá láti ẹ̀gbẹ́. Òwú á ní òjìji tín-ín-rín tirẹ̀ lórí aṣọ, òjìji yẹn ni ojú ń tẹ̀ lé.

Ibi tí àwọ̀ iná ti ṣe pàtàkì ni mímú òwú, ó sì ti kó mi sí wàhálà rí. Oníbàárà kan gbé ẹtù wá. Abẹ́ iná pupa ni mo ti mú òwú, mo rò pé aró ni, mo fi rán gbogbo ọrùn. Láàárọ̀, mo gbé e jáde síta, òwú dúdú ló jókòó lórí ẹtù bí ìlà èédú. Gbogbo ọ̀sán ni mo fi tú u. Iná pupa kì í jẹ́ kí búlúù tó ki yàtọ̀ sí dúdú. Ṣùgbọ́n funfun nìkan náà kò tó. Gílóòbù funfun olówó pọ́ọ́kú kan wà tí mo gbé àlàárì sí abẹ́ rẹ̀, tó ṣe bí aṣọ tó ti ṣá. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Ra sí lára páálí, nọ́ńbà ibẹ̀ ló ń sọ bí iná ṣe ń fi àwọ̀ aṣọ hàn bó ṣe rí gan-an tó. Èmi kì í ra èyí tí kò tó 90 mọ́. Ti 4000K ni mo ń lò báyìí, òwú ẹtù ṣì ń dé ẹnu ọ̀nà kí n tó kì í sínú máṣíìnì.

Lẹ́yìn ìpàdé, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá náà. Gílóòbù wáàtì 30 ló wà níhòòhò lókè, ó ń wọ̀ wọ́n lójú láti iwájú. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jókòó bí ẹni ń ranṣọ, ẹ gbójú lé abẹ́rẹ́, kí ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe ìbòjú sórí ìpéǹpéjú." Wọ́n ṣe é. Wọ́n mú ọwọ́ kúrò, wọ́n tún gbé e padà.

"Ara tù mí," ni wọ́n wí.

Mo ní gílóòbù yẹn ló ń bá yín jà, mà. Ọ̀gá yìí ti lé ní 60 ọdún, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ inú ojú wọn kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti ọmọ 20 ọdún lọ. Wọ́n nílò iná púpọ̀ lójú aṣọ lóòótọ́, wọ́n sì nílò awò tí wọ́n ń sá fún. Wọ́n bi mí bóyá kí àwọn ju ti wáàtì 30 náà nù. Mo ní kí wọ́n gbé e síta, kí àwọn oníbàárà lè rí gọ́tà lálẹ́.