Kì í ṣe òótọ́ pé àwòṣe èdè ti sọ òfin àfọwọ́kọ di aláìwúlò nídìí àpèjúwe ọjà

Ìgbàgbọ́ kan ti gbilẹ̀ láàrin àwa tí a ń bá àwọn oníṣòwò Àkúrẹ́ to ọjà wọn sórí ìkànnì, pé láti ìgbà tí àwòṣe èdè, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka ọ̀rọ̀ tó sì ń dáhùn bí ènìyàn, ti dé, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi tún jókòó kọ òfin tí kọ̀ǹpútà yóò máa tẹ̀lé láti yọ àwọ̀, ohun tí a fi ṣe ọjà, àti ìwọ̀n rẹ̀ jáde nínú àpèjúwe tí olùpèsè fi ránṣẹ́. Wọ́n ní kí a kàn kó gbogbo rẹ̀ fún àwòṣe, pé ó gbọ́ èdè ju òfin lọ. Lóòótọ́ ni ó gbọ́ èdè ju òfin lọ. Ohun tí wọn kò wò ni bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe máa ń ṣàṣìṣe, nítorí pé ibẹ̀ ni owó oníbàárà ti ń bọ́ sọnù.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìlà kan, irú èyí tí àwọn tó ń ta aṣọ ní agbègbè Ọjà Ọba máa ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ọjà wọlé:

```
ANKR WAX PRT 6YDS NVY/GLD 46" SFT CTN FEEL 20PCS/CTN
```

Ẹni tó ti pẹ́ nídìí aṣọ kò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àńkárá ni, ó gùn ní yáàdì 6, ó fẹ̀ ní ínṣì 46, àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ nefí búlúù àti góòlù, ó rọ̀ lọ́wọ́ bí ẹni pé òwú ni, 20 ni ó sì wà nínú páálí kan. Ẹ kíyè sí i pé CTN wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: àkọ́kọ́ ń sọ nípa òwú, èkejì sì jẹ́ páálí. Ẹ tún kíyè sí i pé kò sí ibì kankan nínú ìlà náà tí olùpèsè ti sọ ohun tí wọ́n fi hun aṣọ yìí. Ó ní ó rọ̀ bí òwú, kò ní òwú ni.

Ìwọ̀n ni ó rọrùn jù, òun ni mo sì máa ń gbà nímọ̀ràn pé kí a fi sílẹ̀ fún òfin pátápátá. Nọ́ńbà kan ni, tí orúkọ ìdiwọ̀n tẹ̀ lé, iye orúkọ ìdiwọ̀n tí àwọn aláṣọ ń lò kò sì pọ̀. Lẹ́yìn tí a bá ti sọ gbogbo lẹ́tà di ńlá, àpẹẹrẹ ìṣàwárí kan báyìí yóò mú yáàdì 6 àti ínṣì 46 jáde, yóò sì fi 20PCS sílẹ̀:

```
(\d+(?:\.\d+)?)\s*(YDS?|CM|MM|IN|")(?![A-Z])
```

Apá tó gbẹ̀yìn, tó ní kí lẹ́tà kankan má ṣe tẹ̀ lé ìdiwọ̀n náà, ni kò jẹ́ kí `6 INDIGO` di ínṣì 6. Ọ̀pọ̀ máa ń fi `\b` síbẹ̀, ìyẹn àmì tó ń wá etí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àmì ínṣì kì í ṣe lẹ́tà, àlàfo tó tẹ̀ lé e náà kì í ṣe lẹ́tà, nítorí náà kò sí etí ọ̀rọ̀ kankan láàrin wọn, gbogbo ìlà tí wọ́n bá ti fi àmì yẹn kọ ínṣì yóò sì bọ́ sílẹ̀. Òfin tí mo kọ sókè yìí náà ní àléébù tirẹ̀, torí pé `3 IN 1` yóò di ínṣì 3 lójú rẹ̀ bí a kò bá yọ ọ́ sọ́tọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí a bá ti rí àṣìṣe náà tí a sì tún un ṣe, kò ní padà wá mọ́, lórí ìlà kan tàbí lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà. Ìṣirò náà dùn ún ṣe: yáàdì kan jẹ́ mítà 0.9144, ínṣì kan sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.54, aṣọ wa yìí sì gùn tó mítà 5.49, ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 117. Kò yẹ kí a máa ní kí àwòṣe èdè ṣe irú ìṣirò yìí, nígbà tí ìlà kóòdù kan lè ṣe é láìṣì.

Ìwọ̀n kan wà tó ti yí padà kúrò ní ohun tí olùpèsè tẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, èyí sì wọ́pọ̀ lórí búláòsì àti gáùn. Olùpèsè tẹ `10-12` sínú Excel, Excel sì kà á sí ọjọ́ inú oṣù, ó wá ń fi `12-Oct` hàn lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣètò lọ́nà Amẹ́ríkà, tàbí `10-Dec` lórí èyí tí wọ́n ṣètò lọ́nà ti Gẹ̀ẹ́sì. Ìwọ̀n aṣọ máa ń ti kékeré bọ́ sí ńlá, nítorí náà òfin kan ṣoṣo tó ń sọ orúkọ oṣù di nọ́ńbà, tó sì ń fi èyí tó kéré ṣáájú, yóò dá méjèèjì padà sí 10-12. Ó sàn ju èyí lọ pé kí olùpèsè sọ òpó ìwọ̀n di `Text` kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá a dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀?

Nídìí àwọ̀ ni ọlá àwòṣe èdè ti hàn. Àkójọ àkékúrú tí a fi ọwọ́ kọ yóò mọ NVY àti GLD, ṣùgbọ́n àwọn olùpèsè kì í yé dá tuntun sílẹ̀. Lónìí wọn yóò kọ `BURGANDY`, lọ́la wọn yóò kọ `T.QUOISE`, àwòṣe yóò sì mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Ó tún ń mọ ìyàtọ̀ tí àkójọ lásán kò lè mọ̀. Nínú `CORAL BEADS 8MM PEACH`, ó ṣeé ṣe kí ó mọ̀ pé iyùn ni ohun tí a fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ náà, pé PEACH ni àwọ̀ rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé nínú `ACRYLIC BEADS CORAL`, àwọ̀ ni CORAL. Òfin tó kàn ń wá orúkọ àwọ̀ yóò pe méjèèjì ní ohun kan náà, oníbàárà tó fẹ́ ra iyùn gidi fún ìgbéyàwó yóò sì máa rí ìlẹ̀kẹ̀ rọ́bà láàrin wọn.

Àmì dídábùú tó wà láàrin NVY àti GLD ni ó le, àwòṣe gan-an kò sì rí i yanjú. Lórí Àńkárá, àwọ̀ méjèèjì wà lára aṣọ kan náà. Lórí búláòsì, `WINE/CRM` lè túmọ̀ sí pé a lè mú wáìnì tàbí kírímù. Olùpèsè ni ó mọ èyí tó ń lò, àṣà rẹ̀ kì í sì í sábà yí padà, nítorí náà òfin tó dára jù níbí ni èyí tí a kọ fún olùpèsè kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí a bá ti bi í lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tí a fi ṣe ọjà ni ó tú àṣírí ìgbàgbọ́ tí mo ń sọ. Bí a bá fún àwòṣe èdè ní ìlà Àńkárá wa, tí a sì ní kó sọ ohun tí a fi hun ún, ó ṣeé ṣe gidigidi kó dáhùn pé òwú ni. Bí a bá tilẹ̀ yọ `SFT CTN FEEL` kúrò, kò dájú pé yóò yí ohùn padà, nítorí pé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kọ́ ọ, Àńkárá àti òwú kì í ya ara wọn. Kò ka òwú nínú ìlà náà, ó fi òye mú un ni. Bẹ́ẹ̀ pólísítà ni ọ̀pọ̀ Àńkárá olówó pọ́ọ́kú tó wà lọ́jà báyìí. Òfin tí kò bá rí nǹkan a máa fi àyè sílẹ̀ lófo, gbogbo wa a sì rí òfo náà. Àwòṣe kì í fẹ́ fi àyè sílẹ̀, ohun tó sì kọ síbẹ̀ máa ń jọ òótọ́ débi pé ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò yóò fò ó kọjá.

Oògùn rẹ̀ ní ìpele méjì. Èkíní ni pé kí a gba àwòṣe láyè ní gbangba láti dáhùn pé `null`, ìyẹn pé kò rí nǹkan kan, kí a sì ní kó da ọ̀rọ̀ tó gbé ìdáhùn rẹ̀ lé kọ, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà nínú ìlà náà gan-an, kí kóòdù wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀:

```
if not evidence or evidence not in text:
    material = None
```

Èyí yóò mú ìdáhùn tí kò ní ẹ̀rí kankan, ṣùgbọ́n kò lè mú ẹ̀rí tí àwòṣe ṣì kà. Lórí ìlà wa, àwòṣe lè tọ́ka sí CTN, CTN sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ìbáà jẹ́ ti òwú tàbí ti páálí. Ìpele kejì wá jẹ́ òfin àfọwọ́kọ tí wọ́n ní kò wúlò mọ́: bí CTN bá tẹ̀ lé PCS àti àmì dídábùú, páálí ni, bí FEEL, LOOK, TOUCH tàbí LIKE bá tẹ̀ lé orúkọ ohun èlò, tàbí bí FAUX bá ṣáájú rẹ̀, ẹ pa ìdáhùn náà rẹ́. Ó yẹ kí SATIN náà wà lábẹ́ ìṣọ́, torí pé ọ̀nà ìhunṣọ ni, a lè fi sílíìkì hun ún, a sì lè fi pólísítà hun ún.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ètò yín ń ṣiṣẹ́, ẹ mú ìlà díẹ̀ lọ́dọ̀ olùpèsè tí ẹ kò tíì fi iṣẹ́ rẹ̀ kọ òfin rí, kí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ kọ ìdáhùn tòótọ́ síwájú wọn. Bí ẹ bá fi ìlà olùpèsè kan náà dán an wò, èsì yóò dùn lásán, nítorí pé olùpèsè máa ń kọ gbogbo ọjà rẹ̀ lọ́nà kan náà. Ẹ ka òfo lọ́tọ̀, ẹ ka àṣìṣe lọ́tọ̀, ẹ sì wo àwọ̀, ohun èlò àti ìwọ̀n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú iye kan ṣoṣo yóò rí i pé ìwọ̀n tó péye ti bo ohun èlò tó kún fún ìméfò mọ́lẹ̀.

Fún ìlà Àńkárá wa, àyè ohun èlò yóò wà lófo, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kó rí. Kò sí òfin tàbí àwòṣe tó lè yọ ohun tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ jáde. Bí olùpèsè kò bá dáhùn, kí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù fa fọ́nrán òwú bíi mélòó kan yọ létí aṣọ náà kó sì ṣáná sí i. Òwú gidi yóò jó bí ìwé, yóò sì di eérú tó rọ̀. Pólísítà yóò yọ́, yóò sì gan di kóró líle. Èyí tó bá ṣe méjèèjì, àdàpọ̀ ni. Kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sínú àyè náà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé iná ni a fi dán an wò, kì í ṣe inú àpèjúwe ni a ti rí i.