Kí ẹ tó tẹ “Trader” fún aláṣọ

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Èrò ọkàn mi nìyí lórí àlàfo kékeré kan tó wà lórí fọ́ọ̀mù báǹkì, fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó àti fọ́ọ̀mù ìdánimọ̀, èyí tí wọ́n kọ “Occupation” sí. Láti Kàbà dé Ìsánlú, bákan náà la ṣe ń kún un. Akọ̀wé á ní, “Màmá, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?” Màmá á ní, “Aláṣọ ni mí.” Akọ̀wé á tẹ “Trader”, á sì bọ́ sórí àlàfo tó kàn. Bàbá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní alágbẹ̀dẹ lòun, ó tẹ “Welder”. Lójú tèmi, kò sí èyí tó tọ́ nínú méjèèjì, àfi bó bá ṣèèṣì bọ́ sí i.

Inú ọ̀rọ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀ ni wàhálà náà ti bẹ̀rẹ̀. “Aláṣọ” ni “oní” tó pàdé “aṣọ”. Ẹni tó ní nǹkan, tàbí tí nǹkan náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ni “oní” ń sọ. Kò sọ ohun tí ọwọ́ onítọ̀hún ń ṣe. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àwọn orúkọ tí “a” ṣíwájú wọn, ẹ ó rí ìyàtọ̀. Apẹja ń pa ẹja, ẹlẹ́ja ń tà á. Amọ̀kòkò ń mọ ìkòkò, oníkòkò lè jẹ́ ẹni tó kàn tò ó sílẹ̀ lọ́jà. Awakọ̀ ń wa ọkọ̀, àmọ́ onímọ́tò lè má mọ ọkọ̀ wà rárá, kó jẹ́ pé òun ló ni ín. Orúkọ oní-“a” ti gbé iṣẹ́ dání, ó rọrùn láti yí sí Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ “oní” kò gbé e dání, torí náà ẹ gbọ́dọ̀ béèrè.

Ẹ jẹ́ ká mú aláṣọ yẹn. Nílẹ̀ wa níbí, ó kéré tán, èèyàn mẹ́ta ló lè dá yín lóhùn bẹ́ẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ń hun aṣọ. Ó lè jẹ́ ìyá tó ń hun kíjìpá lórí òfì tó dúró ṣánṣán, irú èyí tí aṣọ rẹ̀ máa ń fẹ̀, tí kì í ṣe pẹlẹbẹ tóóró bíi ti òfì àwọn ọkùnrin. Gbogbo wa la mọ Bùnú mọ iṣẹ́ yìí nítorí aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n ń lò níbi ìsìnkú àwọn àgbà. Ẹni kejì ra léèsì àti àǹkárá ní ìdì, ó ń gé e tà ní yáàdì. Ẹni kẹta ń ránṣọ, ṣùgbọ́n ó kó aṣọ díẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù fún oníbàárà tí kò bá mú tiẹ̀ wá. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnì kejì nìkan ni “Trader” bá mu.

Àwọn tó ń ka iṣẹ́ lágbàáyé ti ya wọ́n sọ́tọ̀ tipẹ́. Nínú ìwé ìpínsísọ̀rí iṣẹ́ tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ń lò, ISCO-08, nọ́ńbà mẹ́rin mẹ́rin ni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní. Ahunṣọ tó ń fi ọwọ́ hun ún wà ní 7318, aránṣọ wà ní 7531. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù wà ní 5221, ẹni tó pàtẹ lọ́jà wà ní 5211. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni kí ẹ wò. 7 ni tàwọn oníṣẹ́ ọwọ́, 5 ni tàwọn tó ń tajà àti tàwọn tó ń ṣe iṣẹ́ fún oníbàárà. Bí wọ́n bá wá ní káwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wá gba owó òwú, tí wọ́n sì fi kọ̀ǹpútà ṣa orúkọ, màmá tí wọ́n pè ní “Trader” kò ní sí níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí òfì ló jí sí.

Akọ̀wé lè ní, “Ṣebí màmá náà ń ta aṣọ tó hun?” Bẹ́ẹ̀ ni, ta ni yóò bá a tà á? Ìwé yẹn ti dáhùn ìyẹn náà. Bí ẹnì kan bá ń ṣe ọjà, tó tún ń tà á, ibi ṣíṣe ni wọ́n ń kà á sí. Ẹni tó ń yan búrẹ́dì tó sì ń tà á, aṣebúrẹ́dì ni. Nítorí náà, màmá tó ń hun kíjìpá tó sì ń gbé e lọ sọ́jà Kàbà fúnra rẹ̀, “Handloom weaver” ni kí ẹ tẹ̀ fún un. Bó bá jẹ́ pé ó fi òwò léèsì kún un, ẹ béèrè èyí tó ń gba ọjọ́ rẹ̀ jù. Bó bá jókòó ti òfì ní ọjọ́ mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀, tó wá ná ọjà léèsì ní ọjọ́ kan, ahunṣọ ṣì ni.

Ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ ló ń bí mi nínú jù. Àgbẹ̀dẹ ni ibi tí wọ́n ti ń rọ irin, alágbẹ̀dẹ ni oníbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì ni “Blacksmith”, 7221. Wẹ́dà ni “Welder”, 7212. Ẹ má wo irin tó wà nílẹ̀, iná ni kí ẹ béèrè. Alágbẹ̀dẹ ń fi ẹwìrì fẹ́ èédú títí irin á fi pọ́n tí á sì rọ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó yọ́. Á fi ẹ̀mú mú un, á fi òòlù lù ú di ọkọ́ tàbí àdá, á dá a padà síná bó bá ti ń tutù, á sì ri ẹnu àdá bọ omi kó lè le. Wẹ́dà ní tirẹ̀ fẹ́ kí irin yọ́. Iná mànàmáná ló fi ń yọ́ etí irin méjì pọ̀ di ọ̀kan, géètì àti fèrèsé ló sì ń ṣe jù. Ẹ pe alágbẹ̀dẹ ní “Welder”, tí ètò irinṣẹ́ bá dé, ẹ̀rọ wẹ́dà ni wọn á gbé fún un ní abúlé tí kò ní iná. Bàbá á tà á, wọ́n á ní kò mọ oore.

Mo tún ti rí “Iron bender” tí wọ́n fi pe alágbẹ̀dẹ. Ẹni tó ń tẹ irin, tó ń dì í kí wọ́n tó da kọnkéré lé e níbi ilé kíkọ́ là ń pè bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Bí “Blacksmith” kò bá sí lára ohun tí kọ̀ǹpútà ní kí ẹ yàn, ẹ yan “Artisan”, kí ẹ wá tẹ “Blacksmith” sí àlàfo tó wà lẹ́yìn “Others”. Ohun tó gbòòrò sàn ju ohun tó ṣìnà lọ.

Níbi tí àyè bá wà, ẹ kọ orúkọ Yorùbá rẹ̀ tì í, ṣùgbọ́n ẹ fi àmì sí i. Mo rí àwọn kan tó tẹ “onikoko” lásán, wọ́n rò pé àwọn ti ṣe iṣẹ́. Nínú ìlú tí oníkòkò wà, tí oníkòkó wà, tí oníkókò náà ń pàtẹ lọ́jà, ẹni tó bá kà á lórí páálí l’Ábújá kò ní mọ̀ bóyá ìkòkò ni màmá ń tà, tàbí kòkó ló ń sá sóòrùn.