Oníbàárà tí kò rí àwòrán ọjà yín

Báàgì ni mo ń tà lórí Instagram. Lọ́jọ́ kan, mo gbé àwòrán mẹ́ta síta, mo sì kọ sábẹ́ wọn pé: "Wọ́n ti dé o! Ẹ wo ẹwà! Ẹ tètè wá mú tiyín." Kò pẹ́ sígbà náà ni obìnrin kan tó ti ra ọjà lọ́wọ́ mi rí kọ̀wé sí mi: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló dé?" Mo ní kó wo àwòrán. Ó dáhùn pé, "Ojú mi kò ríran mà. Fóònù mi ló ń kà á sí mi létí, ohun tó sì kà kò ju pé kí n wo ẹwà lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an, torí èmi ni mo jẹ̀bi.

TalkBack ni wọ́n ń pe ohun tó ń ka ojú fóònù Android síta, ti iPhone ni VoiceOver. Lẹ́tà tí a tẹ̀ ni wọ́n ń kà. Tí wọ́n bá kan àwòrán tí a kò kọ àpèjúwe sí, wọ́n lè sọ pé àwòrán ni, tàbí kí wọ́n ka ohun tí ẹ̀rọ méfò pé ó wà níbẹ̀, bóyá báàgì. Báàgì wo? Báwo ló ṣe tóbi tó? Ẹ̀rọ kò sọ ìyẹn. Ìwé ìpolówó tó ti di àwòrán ló burú jù, torí inú rẹ̀ la máa ń kó ọjọ́, iye owó àti nọ́ńbà fóònù sí, tí a kò ní tún wọn kọ síbòmíì.

Instagram ní àyè tí wọ́n ń pè ní Alt text, níbi tí èèyàn lè kọ àpèjúwe àwòrán sí. Ó dára, mo ń lò ó. Àmọ́ lójú tèmi, kò tó. Àwọn tó ń gbọ́ ìwé kíkà fóònù nìkan ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, tó sọ lẹ́tà fóònù rẹ̀ di ńlá kó lè fúnra rẹ̀ kà á, kò ní rí i rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ díẹ̀ sínú Alt text, tí mo sì ń kọ ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ sábẹ́ àwòrán, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìpolówó mi. Bí mo ṣe tún ti ọjọ́ yẹn kọ rèé:

"Àpèjúwe àwòrán. Èkíní: báàgì aláwọ dúdú, ó fẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 30, ó ga tó 22. Síìpù aláwọ̀ wúrà wà lókè rẹ̀, okùn rẹ̀ sì gùn tó láti gbé kọ́ èjìká. Èkejì: inú báàgì náà, àpò kéékèèké méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ní síìpù. Ẹ̀kẹta: irú rẹ̀ kan náà, pupa, obìnrin kan gbé e kọ́ èjìká, ó sì balẹ̀ dé ìbàdí rẹ̀."

Ẹ ó rí i pé n kò sọ pé ó rẹwà. Ẹwà kò sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá ìwé òun máa wọ inú rẹ̀. Ohun tí ojú á rí tí yóò mú kí èèyàn rà á tàbí kó kọ̀ ọ́ ni mo ń kọ. Tí igun kan bá bó, mo ń kọ ìyẹn náà, torí ẹni tó ń ríran ti rí i.

Àwọn lẹ́tà ẹlẹ́ṣọ̀ọ́ tí a máa ń dà kọ láti ibòmíì tún ń dabarú nǹkan. Lójú wa, lẹ́tà ni. Lójú fóònù, àmì ìṣirò ni púpọ̀ nínú wọn, ó lè máa dárúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan tàbí kó fò wọ́n. Mo ti pa wọ́n tì.

Ẹ tan TalkBack tàbí VoiceOver, kí ẹ yí ojú kúrò lára fóònù, kí ẹ sì tẹ́tí sí ìpolówó yín. (Ẹ kọ́kọ́ mọ bí ẹ ṣe máa pa á, torí ìfọwọ́kàn yí padà: ẹ ó yan nǹkan, lẹ́yìn náà ẹ ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.) Nígbà tí mo ṣe é, mo gbọ́ ìpolówó mi látòkèdélẹ̀, n kò sì gbọ́ nọ́ńbà fóònù mi. Inú àwòrán ló wà.

Lẹ́yìn tí mo tún ìkọ̀wé yẹn ṣe, obìnrin náà tún kọ̀wé. Lọ́tẹ̀ yìí, kò bi mí léèrè ohun tó dé. Ó ní, "Ti pupa yẹn mà, ṣé okùn rẹ̀ ṣeé yọ?" N kò kọ ìyẹn sí i. Mo dá a lóhùn, mo sì padà lọ fi kún un.