“Ẹ Jẹ́ Kí Ikùn Yọ Ná” Ti Pẹ́ Jù

Iṣẹ́ mi ni láti máa yẹ ibi iṣẹ́ wò nítorí ààbò, gbólóhùn kan sì wà tí mo ti gbọ́ títí etí mi ti mọ̀ ọ́n: “Ẹ jẹ́ kí ikùn yọ ná, a ó wá dín iṣẹ́ rẹ̀ kù.” Àwọn tó ń sọ ọ́ kì í ṣe ìkà. Ẹrù gbígbé nìkan ni wọ́n kà sí ewu fún aboyún, wọ́n sì rò pé oyún tí kò tíì wúwo kò ní nǹkan tí iṣẹ́ lè fi ṣe é. Ìgbàgbọ́ kejì kì í jìnnà sí i: tí wọ́n bá wá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọṣẹ́ tó kéré jù ni wọ́n máa ń gbé e fún, torí pé “ara ọmọdé le.” Méjèèjì kò tọ̀nà.

Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan ni mo ti rí méjèèjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń fi sáńpépà ha àwọn àga àtijọ́, tó sì tún ń fọ́n fáníṣì tí wọ́n fi tínà pò. Ó ti sọ fún ọ̀gá pé oyún òun ti pé ọ̀sẹ̀ 8. Ọ̀gá ní kó fọkàn balẹ̀, pé tó bá di oṣù karùn-ún, wọn yóò gbé e lọ sí ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ń rán aṣọ àga.

Ẹ jẹ́ ká ka ọjọ́ náà dáadáa. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù tó rí kẹ́yìn ni dókítà ti ń ka oyún, nítorí náà nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 ni ọmọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ tó lọ bá ọ̀gá. Ibi tí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ti ń jáde máa ń pa ara rẹ̀ dé ní nǹkan bí ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí oyún bá dúró, ìyẹn ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn ọjọ́ tí nǹkan oṣù yẹ kó dé. Ọkàn ọmọ ti ń lù kó tó dìgbà yẹn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹjọ ọmọ náà bá fi parí, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara rẹ̀ ti fara hàn. Oṣù karùn-ún tí ọ̀gá ń retí, ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà tán ni, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ̀ ẹ́ sí i.

Kí ló wá wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà tó lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ yìí? Àkọ́kọ́ ni èéfín tínà. Bí ìyá bá mí in sínú, ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ibi ọmọ kò sì lè dí i lọ́nà. Obìnrin náà fi aṣọ bo imú, ó gbà pé ó tó. Aṣọ lè mú díẹ̀ nínú eruku, ṣùgbọ́n èéfín tínà ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ìbòmú tó ní agolo èédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ń mú èéfín, ó sì gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa. Ó sọ fún mi pé òun ò gbóòórùn rẹ̀ mọ́, pé ó ti bá òun lára mu. Imú ló ti rẹ̀. Èéfín náà ṣì wà níbẹ̀.

Èkejì ni eruku. Ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́ ní òjé nínú, tí wọ́n bá sì ń ha á gbẹ, òjé náà á di lẹ́búlẹ́bú. Egungun ni òjé máa ń lọ fara pamọ́ sí, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà oyún, ara ìyá máa ń yọ kálísíọ̀mù láti inú egungun fún ọmọ, òjé á sì bá a jáde. Ìdí nìyí tí kò fi dára kí á dúró de ìròyìn oyún kí á tó dá eruku náà dúró. Omi ni wọ́n ń fi ha ọ̀dà àtijọ́, kí eruku má bàa gbéra.

Ti ẹrù gbígbé kò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, kò sì rọrùn tó bẹ́ẹ̀ náà. Nínú ìmọ̀ràn tí NIOSH, àjọ tó ń ṣèwádìí lórí ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, fi síta, obìnrin tí oyún rẹ̀ ò ní wàhálà lè gbé nǹkan bíi kílò 16 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 20, àti nǹkan bíi kílò 12 lẹ́yìn náà, bí ẹrù náà bá wà ní ìbàdí, tó sì sún mọ́ ara. Ẹ kíyè sí “sún mọ́ ara” yẹn. Bí ikùn bá ti yọ, ikùn fúnra rẹ̀ ló ń ti ẹrù jìnnà, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù tí a na ọwọ́ gbé ń fa ẹ̀yìn ju èyí tó sún mọ́ ìbàdí lọ gan-an. Síbẹ̀, aboyún kì í ṣe ẹni tí kò gbọdọ̀ gbé nǹkan kan rárá, àpótí ìṣó kékeré kò ní pa á lára.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá dùn mí jù ni ti ọmọkùnrin ọdún 16 tó wà níbẹ̀. Nígbà tí mo ní kí wọ́n gba ìbọn ọ̀dà tó fi ń fọ́n fáníṣì lọ́wọ́ obìnrin yẹn lójú ẹsẹ̀, ọ̀gá kàn yíjú sí i: “Ìwọ, wá mú un.” Ó rò pé òun ti ṣe ohun tí mo sọ.

Ọmọ ọdún 16 ga bí àgbàlagbà, ṣùgbọ́n ibi tí egungun rẹ̀ ti ń gùn sí i lè má tíì le, ọpọlọ rẹ̀ sì ṣì ń dàgbà. Yàtọ̀ sí ti ara, kò tíì rí i kí iṣẹ́ náà ṣì lọ́wọ́ ẹnì kan rí, kò mọ ìró ayùn tó fẹ́ gé nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí pákó. Àdéhùn 182 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ti ọdún 1999, ka ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé nínú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ eléwu. Ìmọ̀ràn 190 tó bá a rìn sì dárúkọ irú àwọn nǹkan tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn gẹ́lẹ́: ẹ̀rọ eléwu, ẹrù wíwúwo, ariwo tó ń ba ara jẹ́, àti kẹ́míkà.

Ohun tí a ṣe nìyí. Ìbọn ọ̀dà bọ́ sọ́wọ́ àgbàlagbà kan tó ní ìbòmú alágolo, ó sì ń fọ́n ọ̀dà lábẹ́ àtíbàbà ìta, lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti lọ ilé. Kí a kàn gbé obìnrin náà lọ sí ẹ̀yìn kò ní tó, torí pé atẹ́gùn kan náà ni wọ́n ń mí níwájú àti lẹ́yìn. Òun ló wá ń wọn aṣọ àga, tó ń gé e, pẹ̀lú àpótí tó lè jókòó lé nígbàkúùgbà. Ọmọkùnrin náà ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn pákó àti bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ dè é pọ̀. Kò sún mọ́ ayùn oníná.

Bí a ṣe ń parí ni ọ̀gá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ṣé òun lè dín owó obìnrin náà kù díẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ ìjókòó ló kù tó ń ṣe. Mo ní rárá, sà. Ìmọ̀ràn 191 ti àjọ yẹn kan náà sọ pé bí iṣẹ́ rẹ̀ bá yí padà nítorí ewu, owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín kù. Mo tún ní kó wo àwọn obìnrin méjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń tẹ́tí sí wa. Bí owó ẹni yìí bá dín, ẹni tó bá kàn nínú wọn á fi oyún tirẹ̀ pamọ́ títí ikùn á fi yọ.