Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni, kì í ṣe ẹyọ kan

Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ wa kọ "ọkọ" sára pátákó, ó ní ká dárúkọ ìtumọ̀ mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ náà ní. A dá a lóhùn: ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń ro oko, ọkọ̀ tí à ń wọ̀, ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù. Ó yìn wá. Ó wá ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu àwọn baba ńlá wa, òun ni wọ́n ṣe ń gbé ohùn sókè sódò kí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lè ṣiṣẹ́ mẹ́rin. Mo gba èyí gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ṣì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé dáadáa, ó sì máa ń dùn mí, torí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ wo ìyà àti ìjà. Fáwẹ̀lì kan náà ni wọ́n ní, ohùn kan náà ni wọ́n ní, y àti j nìkan ló yà wọ́n. Kò sẹ́ni tó máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ kan tó ní ìtumọ̀ méjì ni wọ́n. Ẹ wá wo ìlú àti ìlù. Ohùn ìparí nìkan ló yà wọ́n. Iṣẹ́ tí y àti j ṣe lọ́hùn-ún náà ni ohùn ṣe níbí. Bí a bá gbà pé ọ̀rọ̀ méjì ni ìyà àti ìjà, a ò ní ìdí kankan láti ka ìlú àti ìlù sí ẹyọ kan.

Àwọn kan á ní ohùn kàn gun orí fáwẹ̀lì ni, bí ìgbà tí èèyàn dé fìlà. Ẹ jẹ́ ká dán ìyẹn wò. Ẹ sọ "rí apá" kíákíá, bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé: ó di "rápá". Fáwẹ̀lì í tó wà nínú "rí" ti lọ, àmọ́ ohùn òkè rẹ̀ kò bá a lọ. Ó bọ́ sórí a. Ẹ wá sọ "rí àpá", àpá ọgbẹ́ ni mo ń wí. Í lọ bákan náà, ohùn òkè rẹ̀ sì gba orí a. Ṣùgbọ́n orí a yìí kò ṣófo tẹ́lẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ló wà níbẹ̀. Kò kú o. Ó sún síwájú, débi pé "pá" máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ kó tó gòkè. Etí ọmọ Yorùbá máa ń gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì inú gbólóhùn méjèèjì ti di ọ̀kan náà. Ohun tó lè pàdánù fáwẹ̀lì rẹ̀ kó sì wá ibòmíràn jókòó sí kì í ṣe fìlà.

Ní ti pé ọ̀rọ̀ ò pọ̀ tó: èdè Háwáì ní kọ́ńsónáǹtì 8 àti fáwẹ̀lì 5 péré, tiwa ní kọ́ńsónáǹtì 18. Ká ní àìtó ló ń bí ohùn ni, Háwáì ni ì bá kọ́kọ́ ní in. Kò ní in. Ọ̀rọ̀ wọn kàn máa ń gùn ni.

Kí ló wá ń bí i? Ẹ fọwọ́ kan ọ̀fun yín, kí ẹ pe "ka" àti "ga". Tí ẹ bá ń pe g, tán-án-ná máa ń gbọ̀n, fáwẹ̀lì tó tẹ̀lé e sì máa ń bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ díẹ̀ ju èyí tó tẹ̀lé k lọ. Ìyàtọ̀ kékeré ni, a kì í kà á sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn Kámú, ẹ̀yà kan tó wà ní orílẹ̀-èdè Láòsì ní Éṣíà. Ní ìlà-oòrùn wọn, klaang ni ẹyẹ idì, glaang ni òkúta. Níbòmíràn lára wọn, àwọn èèyàn ti sọ g nù, k ni wọ́n ń pè fún méjèèjì. Síbẹ̀ idì kò di òkúta: kláang ni idì, klàang ni òkúta. Ìyàtọ̀ kékeré tó ń tẹ̀lé g lẹ́yìn tẹ́lẹ̀ ló dúró, tó wá di ohùn. Kò sẹ́ni tó jókòó ṣèpàdé lé e lórí.

Èmi ò sọ pé ibẹ̀ náà ni tiwa gbà wá. K àti g ṣì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́nu wa, ohùn sì wà pẹ̀lú wọn. Ìgalà, Ẹ̀dó, Ìgbò àti Fọn náà ń lo ohùn, torí náà kì í ṣe ọgbọ́n tí Yorùbá nìkan dá láti fi bo àìní mọ́lẹ̀.

Ẹ fi "Mo ri apa re" ránṣẹ́ sí ẹnì kan lórí fóònù láìfi àmì sí i. Ẹni náà kò ní mọ̀ bóyá apá rẹ̀ lẹ rí tàbí àpá ara rẹ̀. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ yẹn ní ìtumọ̀ méjì. Ẹ̀yin lẹ kọ ìdajì rẹ̀.