Ẹ̀gẹ́ tó ti kúrò nínú ilẹ̀, ta lẹ ń polówó ẹ̀ fún?

Inú ń bí mi lónìí, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi. Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa tó ń ṣe fídíò ọjọ́ ìkórè ẹ̀gẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Fídíò yín dùn ún wò. Ẹ di igi mú, ẹ fà á, ilẹ̀ là, ẹ̀gẹ́ ńláńlá jáde, orin ń lọ lábẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń kọ sábẹ́ rẹ̀ ló ń pa mí lára: "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ìkórè ti dé, ẹni tó bá fẹ́ rà lọ́pọ̀ kó pè wá." Ó parí síbẹ̀. Ìgbà wo lẹ wú u? Tọ́ọ̀nù mélòó ló wà nílẹ̀? Oṣù mélòó ló lò? Kò sí ìkankan níbẹ̀.

Ẹ̀gẹ́ tútù ni mò ń rà fún ibi tí a ti ń lọ̀ ọ́, torí náà kì í ṣe pé mo jókòó sílé mò ń wá ẹ̀bi ẹni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé irú fídíò yìí síta lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìkórè òní nìyẹn. Mo pè é. Ó ní ẹ̀gẹ́ wà rẹpẹtẹ. Mo ní kó kó tọ́ọ̀nù 5 jọ fún mi, mo wá ọkọ̀, ó di ọjọ́rú a débẹ̀. Òkìtì ẹ̀gẹ́ wà lábẹ́ igi, wọ́n fi ewé bò ó. Lójú, kò sí ohun tó ṣe é. Mo mú ọ̀kan, mo ṣẹ́ ẹ sí méjì. Inú ẹ̀gẹ́ tó yè máa ń funfun báláú ni. Tèyí ní ìlà tínńtínrín tó dà bí aró, tó tò yípo lábẹ́ èèpo, ó sì pọ̀ jù ní ìhà ibi tí àdá ti bà á. Mo ṣẹ́ òmíràn, bákan náà ni.

Mo bi í pé, "Àbúrò, ìgbà wo lẹ wú ẹ̀gẹ́ yìí?"

Ó wolẹ̀. "Mà, ọjọ́ Àìkú ni. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò jẹ́ kí fídíò tètè lọ."

Ẹ wò ó, mi ò pe ọmọ náà ní òpùrọ́. Ó ní àwọn tó pe òun kò lóǹkà, "èló ni?" ni gbogbo wọn ń béèrè, tí òun bá ti sọ iye rẹ̀, wọn ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ibi tó ti ń dúró dè wọ́n ni ẹ̀gẹ́ ti ń bàjẹ́. Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe iṣu tí èèyàn ń tò sí àká. Bí ẹ bá ti fà á tu, láàárín ọjọ́ 1 sí 3 ni ìlà dúdú yẹn máa ń bẹ̀rẹ̀, ojú ibi tó bá ti ya tàbí tó ti gé ló sì ti ń wọlé. Níbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe kòkòrò ló ń fà á. Ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kan ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Ìjẹrà gidi, èyí tó ń rùn, ẹ̀yìn ìyẹn ló ń dé. Ewé tí wọ́n fi bò ó lè dín in kù díẹ̀, kò lè dá a dúró. Èyí tó ṣì dáa nínú òkìtì náà ni mo ṣà. Ó ní òun á bẹ́ ìyókù, òun á sá a fún oúnjẹ ẹran. Ẹ mọ iye tí ìyẹn ń mú wọlé.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ilẹ̀ gan-an ni àká ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gẹ́ tó ti gbó lè wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan síi kó má bàjẹ́, bí omi kò bá ti dúró sí oko, tí ẹ kò sì jẹ́ kó pẹ́ jù débi tó máa di igi. Kí ló wá dé tí ẹ ń wú u tán kí ẹ tó máa wá oníbàárà? Ebè díẹ̀ ti tó fún fídíò. Ẹ jẹ́ kí ìyókù dúró.

Wọ́n á ní àwọn ò lè mọ iye tọ́ọ̀nù tó wà nínú ilẹ̀ tí àwọn ò tíì wú. Ẹ lè mọ̀ ọ́n. Ẹ wú ìdí 10 láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú oko, kì í ṣe ibi tó sanra jù nìkan o. Ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dànù, ẹ wọ̀n ọ́n. Ká ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ kílò 20, ìdí kan jẹ́ kílò 2 nìyẹn. Éékà kan tí ẹ gbìn ní mítà kan sí mítà kan máa gba nǹkan bí ìdí 4,000, ìyẹn tọ́ọ̀nù 8. Ẹ yọ àwọn tí kò hù àti àwọn tó ti jẹrà kúrò, kí ẹ ṣèlérí tọ́ọ̀nù 6 fún èèyàn. Èyí tó bá lé, èrè ni.

Bí èmi ni mo ni oko yẹn, ohun tí mo máa kọ sábẹ́ fídíò nìyí:

"Ẹ̀gẹ́ oṣù 12, ó ṣì wà nínú ilẹ̀, tọ́ọ̀nù 6. Ọjọ́bọ̀ la máa wú u fún ẹni tó bá ti san àsansílẹ̀. Kílò la fi ń tà, tọ́ọ̀nù 1 ló kéré jù. Ẹ̀yin lẹ máa gbé ọkọ̀ wá, àwa la máa kó o sínú rẹ̀. Tírélà ò lè wọlé, ọkọ̀ kékeré ń dé etí oko. Ẹ kọ iye tọ́ọ̀nù tí ẹ fẹ́ àti ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀ ránṣẹ́ sí wa."

Ẹ kíyè sí i pé "ó ṣì wà nínú ilẹ̀" wà níwájú. Ìlà àkọ́kọ́ ló ń hàn lábẹ́ fídíò kí èèyàn tó tẹ ibi tí ìyókù wà, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run" lẹ sì máa ń fi gba àyè yẹn. Ọlọ́run ti gbọ́. Ẹni tó bá ti gé orí igi ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kó fi kún un, torí irú ẹ̀gẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dúdú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sítáàṣì rẹ̀ lè dín kù. Iye owó ńkọ́? Ẹ kọ ọ́. Àwọn tó ń sọ pé kéèyàn fi iye pamọ́ kí oníbàárà lè pè, ṣé ìpè ni wọ́n ń tà ni?

Mo sọ gbogbo èyí fún ọmọkùnrin yẹn lórí fóònù lánàá. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi, ó wá ní, "Mà, àwọn tó ń bá mi wú u, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ń yọ̀ǹda fún mi. Ta ló sì máa san àsansílẹ̀ fún mi lórí ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀?"

Ó mú mi lẹ́nu. Èmi gan-an, ṣé mo máa fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tí mi ò rí rí, nítorí fídíò? Bóyá ìdá kan nínú mẹ́wàá. Bóyá kó kọ́kọ́ wú ìdí 10 yẹn, kó sì wọ̀n ọ́n níṣojú mi lórí fóònù, kí n tó san án. Mi ò tíì mọ̀. Ẹ̀yin tó ti san irú ẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?