Òórùn kọ́ ló parí iṣẹ́

“Ṣebí òórùn ni àkurákudà fi ń rí ẹja tó bá sá pamọ́ sínú iyanrìn?”

Òórùn lè mú un dé àdúgbò, àmọ́ òun kọ́ ló ń fi ojú ibẹ̀ gan-an hàn án. Ẹ wo ohun tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Kalmijn, gbé jáde lọ́dún 1971. Ó fi ẹja pẹlẹbẹ kan sábẹ́ ágà, ohun tó dì bíi jẹ́lì, tí iná mànàmáná lè gbà kọjá ṣùgbọ́n tí òórùn ò lè gbà. Omi tó gba ara ẹja náà kọjá, ibòmíì ló ti ń jáde. Síbẹ̀, orí ẹja yẹn gan-an ni àkurákudà kékeré náà já lé. Nígbà tó wá tẹ́ ọ̀rá fẹ́lẹ́ tó ń dínà iná lé ágà náà, àkurákudà kọjá lọ bí ẹni tí ò rí nǹkan. Kalmijn tún ri wáyà tó ń gbé iná táṣẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀, ni àkurákudà bá tún ń gbẹ́ iyanrìn níbẹ̀ (ojúkòkòrò!).

Àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí jẹ́lì kún inú wọn nímú rẹ̀ ló ń gbà á mọ iná tó ń jò lára ẹja ààyè. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn dáadáa, torí iná yẹn kì í rìn jìnnà.